Yáàdì búlọ́ọ̀kù kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́: ibi tí owó kúálítì ń gbà jáde

Yáàdì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ní Ìkòròdú níbí, àbúrò ìyá mi obìnrin ló ni ín, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n ní máṣíìnì kan tó ń gbọ̀n, wọ́n ní àwọn tó ń po yanrìn, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì ní ọmọkùnrin kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó máa ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò kí wọ́n tó kẹ́rù sínú ọkọ̀. Èmi, iṣẹ́ kúálítì ni mo ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi ní kí n wá bá àwọn wo ìwé àwọn, torí ọjà ń lọ dáadáa àmọ́ owó tó yẹ kó kù lọ́wọ́ kì í kù.

Nígbà tí mo bèèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe nípa kúálítì, kíá ni wọ́n dá mi lóhùn pé "Ṣé o ò rí ọmọ yẹn ni? Òun náà ni kúálítì wa, búlọ́ọ̀kù tí ò dáa ò lè kọjá lọ́wọ́ ẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kúálítì kóńtúróòlù nìkan nìyẹn, ìyẹn ni pé wọ́n ti mọ búlọ́ọ̀kù tán, owó ti bọ́ sínú ẹ̀ tán, kí ẹnì kan tó wá wò ó pé èyí dáa, èyí ò dáa. Kúálítì aṣọ́ránsì tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, òun ló ń wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é láti ìgbà tí típà bá ti já yanrìn, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń po ó, bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín, bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ẹni tó mọ ọ́n, kí búlọ́ọ̀kù tí ò dáa má tiẹ̀ wáyé rárá. Ní yáàdì Àǹtí, ti àkọ́kọ́ wà, èkejì ò sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo pín owó kúálítì sí apá mẹ́rin nínú ìwé. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o, Armand Feigenbaum tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ti tẹ ìpín náà jáde láti 1956: owó tí a fi dènà ìbàjẹ́, owó tí a fi yẹ ọjà wò, àti owó tí ìbàjẹ́ fúnra ẹ̀ jẹ, tí a tún wá ń pín ìyẹn sí méjì, òfò tó ṣẹlẹ̀ kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ wa àti òfò tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó ti dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà. Àǹtí ní ìwé tí wọ́n ń kọ owó sìmẹ́ńtì sí, ìwé yanrìn, ìwé dísù, ìwé owó àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí búlọ́ọ̀kù tó fọ́ ti ní ojú ewé tiẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó bá fọ́, wọ́n á dà á sí ẹ̀yìn yáàdì, àwọn tó fẹ́ fi dí kòtò á wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́, ó parí.

Ẹ jẹ́ ká wo oṣù tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń mọ 400 lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 24 lóṣù, ìyẹn jẹ́ 9,600. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n ná lórí búlọ́ọ̀kù kan, sìmẹ́ńtì, yanrìn, dísù, owó ọwọ́, jẹ́ ₦620, wọ́n sì ń tà á ní ₦800. Èyí tó fọ́ tàbí tí ọmọ yẹn ṣà sọ́tọ̀ nínú yáàdì jẹ́ 576, ìyẹn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fi ₦620 ṣe é, ₦357,120 ló lọ síbẹ̀. Èyí tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń já a sílẹ̀ ní sáìtì kọ́sítọ́mà, tí wọ́n ní láti fi òmíràn rọ́pò, jẹ́ 250, ₦155,000 nìyẹn, ọkọ̀ sì tún lọ lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí ẹ̀, ₦25,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦100,000. Ọmọ tó ń ṣa á ń gba ₦70,000. Ìdènà wá ńkọ́? Gbogbo ohun tí mo lè kà sí ìdènà ò ju ₦15,000 tí wọ́n fi ra epo sí pọ́ǹpù omi, tí wọ́n ń bomi rin búlọ́ọ̀kù nígbà tí ẹnì kan bá rántí.

Gbogbo ẹ̀ pọ̀ jẹ́ ₦697,120. Nínú ẹ̀, ₦612,120 jẹ́ òfò lásán. Ọjà tí wọ́n sì tà lóṣù náà fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méje, ìyẹn ni pé nínú náírà mẹ́wàá tó bá wọlé, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ náírà kan gbáko ló ń bá búlọ́ọ̀kù tí ò dáa lọ. Àǹtí wo nọ́ńbà yẹn títí, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní ká ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe, wọ́n ní ká gba ẹlòmíì kún ọmọ tó ń ṣa á. Mi ò bá wọn jiyàn, torí kọ́sítọ́mà tó ń bínú lóde ò lè dúró de àlàyé. A gba ẹnì kejì, a ní kí wọ́n máa kan búlọ́ọ̀kù níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀, kí wọ́n máa fi ìṣó ha etí ẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa mú díẹ̀ nínú ìtò kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti bíi mítà kan, èyí tó bá fọ́ yángá, kí wọ́n dá gbogbo ìtò yẹn dúró. Ó ṣiṣẹ́ o. Èyí tó fọ́ ní sáìtì lọ sílẹ̀ láti 250 sí 110, ìrìn ọkọ̀ di méjì péré. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì: èyí tí wọ́n ṣà sọ́tọ̀ nínú yáàdì gòkè láti 576 sí 720, torí pé ojú tó ń wá ìbàjẹ́ ti pọ̀ sí i, owó ẹni tó ń ṣa á sì ti di ₦140,000. Ẹ bá mi ro ó: ₦15,000 fún ìdènà, ₦140,000 fún àyẹ̀wò, ₦446,400 fún òfò inú yáàdì, ₦118,200 fún òfò ìta. ₦719,600. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Àyẹ̀wò ò dín búlọ́ọ̀kù tí ò dáa kù, ibi tí wọ́n ti máa rí i ló yí padà. Ìyẹn náà ní èrè, torí pé búlọ́ọ̀kù tó fọ́ nínú yáàdì jẹ ₦620, àmọ́ èyí tó fọ́ ní sáìtì, tẹ́ ẹ bá pín owó ọkọ̀ lé e lórí, jẹ ₦1,020, tí wọ́n bá sì ti fi mọ ògiri kí wọ́n tó rí i, ẹni tó fẹ́ fọ́ ògiri yẹn ló mọ iye tó máa gbà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá rí nígbà tó ṣì tutù lórí pákó, kò ju kí wọ́n dà á padà sínú pípò lọ, owó ọwọ́ nìkan ló lọ. Bó ṣe ń pẹ́ sí i la ò rí i ni owó ẹ̀ ń ga sí i. Ọmọ tó ń ṣa á, ibi tó ti pẹ́ jù la fi í sí, lẹ́nu ọkọ̀.

Ohun míì tún wà tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ nípa búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ńtì kì í le torí pé ó gbẹ, omi ló fi ń le, ó nílò omi yẹn lára fún ọjọ́ púpọ̀. Búlọ́ọ̀kù tí oòrùn bá tètè fa omi ara ẹ̀ gbẹ máa funfun, ó máa mọ́ rekete, ó tiẹ̀ máa rẹwà ju èyí tí wọ́n bomi rin dáadáa lọ, ojú ẹni tó ń ṣa á ò lè rí i pé inú ẹ̀ ò le. Èyí tó máa fi hàn ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní láàbù, èyí tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ fọ́ ò ṣeé tà mọ́, díẹ̀ péré lẹ lè fi gbìyànjú nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, ẹ ò lè fi àyẹ̀wò wọ inú búlọ́ọ̀kù kan, kó tó di búlọ́ọ̀kù lẹ gbọ́dọ̀ ti fi agbára ẹ̀ sí i.

Èmi àti ọ̀gá àwọn tó ń mọ ọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn padà sí iwájú. Àgbà lọkùnrin yẹn, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ń pè wọ́n ní Bàbá. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ ń rí nínú àpò sìmẹ́ńtì kan?" Wọ́n ní 30. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kà á. A kà á fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a rí 26, a rí 31, a rí 38. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń wọn yanrìn, ẹni tó bá ní agbára á bu ṣọ́bìrì kún dẹ́ńdẹ́, ẹni tó bá ti rẹ̀ á bu ìlàjì, nítorí náà nínú ọjọ́ kan náà, sìmẹ́ńtì kan náà, búlọ́ọ̀kù kan le bí òkúta, èkejì ń fọ́ bíi bíṣíkíìtì. Mi ò sọ pé 30 ni ẹnjiníà máa fọwọ́ sí fún ilé alájà o, ilé alájà gba kí ẹ rí búlọ́ọ̀kù tó kéré sí ìyẹn nínú àpò kan, ẹnjiníà yín ló yẹ kó sọ iye ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé 30 tí Àǹtí ń sanwó fún, àwọn kan nínú ẹ̀ ò gba sìmẹ́ńtì tiwọn. A kan àpótí onípákó tí ò nísàlẹ̀, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á kún un, wọ́n á fi pákó gé orí ẹ̀ dọ́gba, wọ́n á gbé àpótí kúrò. Sìmẹ́ńtì ò pọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kàn dọ́gba ni.

Yanrìn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Lóru ni típà máa ń já a, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á bá òkìtì, kò sẹ́ni tó wò ó. Yanrìn kan mọ́, òmíràn ní ẹrẹ̀ púpọ̀ nínú, ẹrẹ̀ yẹn máa ń bo ara yanrìn débi tí sìmẹ́ńtì ò fi ní rí ibi dì mọ́. Ẹ mú ìgò oníke tó mọ́ tó rí kedere, ẹ bu yanrìn sí i kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ da omi sí i kó kọjá orí ẹ̀ dáadáa, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kan sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n gan-an, kẹ́ ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án. Yanrìn á kọ́kọ́ jókòó nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á wá tẹ́ lórí ẹ̀, ẹ máa rí ìlà tó pín wọn. Tí ẹrẹ̀ yẹn bá nípọn ju bíi mìlímítà 8 lọ, ẹ dá típà yẹn padà tàbí kẹ́ ẹ má fi yanrìn ẹ̀ mọ búlọ́ọ̀kù. A gbé ìgò fún yanrìn tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹrẹ̀ orí ẹ̀ sún mọ́ mìlímítà 15. Bàbá gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Èyí tí wọ́n ń já fún wa láti ìgbà òjò nìyí." Kò sẹ́ni tó lè rí ìyẹn lára búlọ́ọ̀kù tó ti gbẹ, ìgò omi ló fi hàn.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ owó ọwọ́. Wọ́n ń san ₦40 lórí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mọ, wọ́n á kà á nírọ̀lẹ́ nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á sanwó. Ẹni tó bá mọ èyí tó máa fọ́ lọ́la àti ẹni tó mọ èyí tó máa gbé òrùlé, owó kan náà ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì ń sáré jù ló ń gba owó jù. Wọ́n wá ń bú àwọn ọmọ yẹn pé wọ́n ò fọkàn ṣiṣẹ́! Ohun tí owó yín bá ń rà lèèyàn máa ń ṣe fún yín. A sọ ọ́ di ₦35 lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ ọ́n, ₦10 sí i lórí èyí tó bá dúró láìfọ́ lọ́jọ́ keje. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ráhùn pé wọ́n fẹ́ yọ owó àwọn, Bàbá ló ṣàlàyé fún wọn pé ₦45 ni èyí tó bá dáa máa di. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ẹni tó bá po yanrìn láìgé orí àpótí.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù. Ẹnì kejì tí a gbà láti máa ṣa búlọ́ọ̀kù, a yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, a gbé ọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, òun ló ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, a ra tapólì tó ń bo èyí tó ṣì tuntun, a sì sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù kúrò níbi tí wọ́n mọ ọ́n sí kó tó pé wákàtí 24. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń tà á. Èmi fẹ́ ọjọ́ 14, Àǹtí ní kí n ṣírò iye tó máa dá dúró nílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọjọ́ 14, tí ọjọ́ iṣẹ́ 12 wà nínú ẹ̀, túmọ̀ sí búlọ́ọ̀kù 4,800 nílẹ̀ dípò 1,200, àfikún yẹn tó ₦2,232,000, wọn ò ní in, yáàdì náà ò sì gbà á. Ọjọ́ méje la fẹnu kò sí, ìyẹn fi ₦744,000 kún ohun tó wà nílẹ̀, owó àjọ tí wọ́n kó lóṣù yẹn ni wọ́n fi gbé e. Búlọ́ọ̀kù ọjọ́ méje ò tíì dé agbára ẹ̀ tán, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára tó pé, mo sọ ìyẹn fún wọn kí wọ́n lè máa sọ fún kọ́sítọ́mà pé kó ṣì máa bomi rin ín ní sáìtì.

Oṣù àkọ́kọ́ le. Owó ìdènà ti wọlé, òfò ò tíì jáde, torí pé búlọ́ọ̀kù àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń tà, àpapọ̀ owó kúálítì tiẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Àǹtí sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá mi lójú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń padà sẹ́yìn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù kí èyí tí a mọ lọ́nà tuntun dé orí ọkọ̀.

Lóṣù kẹta, mo tún ìwé ṣe. Ìdènà: ₦70,000 fún ẹni tó ń bomi rin ín, ₦40,000 epo pọ́ǹpù, ₦10,000 tapólì tí mo pín sórí oṣù 12, ₦5,000 àpótí àti ìgò, ₦46,080 tó fi kún owó àwọn tó ń mọ ọ́n. ₦171,080. Àyẹ̀wò: ọmọ tó ń ṣa á ṣì wà, a ò lé e, ₦70,000, pẹ̀lú ₦30,000 tí wọ́n fi tẹ díẹ̀ fọ́ ní láàbù, ₦100,000. Èyí tó bàjẹ́ nínú yáàdì jẹ́ 192, ₦119,040. Èyí tó fọ́ ní sáìtì jẹ́ 40, pẹ̀lú ìrìn ọkọ̀ kan, ₦49,800. Àpapọ̀ ₦439,920. Ẹ ṣàkíyèsí pé owó ìdènà àti àyẹ̀wò ti fi ₦186,080 lé sí i, ṣùgbọ́n òfò ti bọ́ láti ₦612,120 sí ₦168,840. ₦257,200 ló ń kù sílẹ̀ lóṣù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oṣù mẹ́ta irú ẹ̀ ti san owó àjọ yẹn padà.

Àǹtí wá bèèrè pé tí ìdènà bá dáa báyìí, ṣé ká yọ ọmọ tó ń ṣa á kúrò pátápátá. Mo ní rárá. Iṣẹ́ tí ọmọ yẹn ń ṣe ti yí padà ni, tẹ́lẹ̀ ó ń gba búlọ́ọ̀kù tí ò dáa kó má jáde, ní báyìí ìwé ló ń kọ, èyí tó fọ́ ní etí, èyí tó ṣán ní àárín, ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n, típà tó já yanrìn ẹ̀. Ìwé yẹn ló sọ fún wa pé èyí tó pọ̀ jù nínú 192 tó kù wá láti ọjọ́ tí máṣíìnì ti gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ jù torí iná ń ṣe ségesège. Láìsí àyẹ̀wò, ìdènà ò ní mọ ibi tó kàn. Mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa náwó sí i títí èyí tó bàjẹ́ á fi di òdo, torí pé láti mú 192 yẹn kúrò tán, wọ́n máa nílò jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ju òfò yẹn lọ fún oṣù púpọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè fi sínú ìwé náà, kọ́sítọ́mà tó rí búlọ́ọ̀kù fọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ò bá ẹnikẹ́ni jà, tó kàn gba yáàdì míì lọ. Òfò ìta nìyẹn náà, ó sì lè ju gbogbo èyí tí mo kà lọ, ṣùgbọ́n iye tí mi ò mọ̀, mi ò ní fi sí ìwé. Àǹtí ti ń kọ orúkọ àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rà lọ́wọ́ wọn kẹ́yìn, wọ́n ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bèèrè ohun tí wọ́n fi ń mọlé báyìí.